Bí mo ṣe tún pééjì ìtọrẹ ẹgbẹ́ gíláàsì kọ́, tó fi jẹ́ orúkọ àkáǹtì ni mo kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹgbẹ́ kékeré kan n'Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Èèyàn méje péré ni wọ́n, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n máa ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, wọ́n á yẹ ojú àwọn ọmọ wò, ọmọ tí ò bá rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó dáadáa, wọ́n á ra gíláàsì fún un. Gíláàsì kan pẹ̀lú lẹ́ńsì ẹ̀ ₦9,500 ni lọ́wọ́ bàbá tó ń bá wọn ṣe é ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ti ní wẹ́ẹ̀bù láti bí ọdún méjì, bọ́tìnnì ìtọrẹ wà níbẹ̀, pupa fòò, àmọ́ owó ò wọlé. Màmá ní kí n "bá wọn tún un ṣe kó rẹwà". Èmi náà rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni, mo ti ń wo àwọ̀ tí màá lò.

Sátidé àkọ́kọ́: ohun tí mo bá nílẹ̀

Mo jókòó ti Màmá ní pálọ̀ ẹ̀, mo gba fóònù ẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká jọ tọrẹ bí àlejò. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn, ó gbé wa lọ sí pééjì tí fọ́tò ọmọ márùn-ún tó ń sunkún wà lórí ẹ̀. Mo bi í pé ilé ìwé wo ni wọ́n ti ya àwọn ọmọ yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe wẹ́ẹ̀bù fún wọn ló lọ mú wọn lórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ fọ́tò ni nọ́ńbà àkáǹtì wà, nọ́ńbà mẹ́wàá, ó tán, kò sí nǹkan míì.

Mo wá ṣí áápù báńkì tèmi, mo tẹ nọ́ńbà yẹn sínú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti fowó ránṣẹ́ nílẹ̀ yìí rí ló mọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, tí áápù á máa yí pooyi, tí orúkọ á wá jáde lábẹ́ nọ́ńbà. Orúkọ tó jáde ni orúkọ Màmá gan-an, orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ àti orúkọ ọkọ ẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá.

Mo gbójú sókè wò ó. Ó ní, "Ṣé o rí i, wọ́n ti bi mí léèrè rí o. Ọmọ kan ní Manchester fi Wáásàpù ránṣẹ́ pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ èèyàn ló jáde, ṣé ẹ̀yin ni? Mo ní èmi ni. Kò fèsì mọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò tíì nílò láti fọwọ́ kan kóòdù kankan. Ẹni tó fẹ́ tọrẹ ti ka ọ̀rọ̀ tán, àánú ti ṣe é, ó ti kọ̀pì nọ́ńbà, ó ti ṣí áápù, orúkọ tó wá jáde lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló lé e padà. Kò sí àwọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Òótọ́ inú Màmá ò sì lè hàn nínú áápù báńkì ẹlòmíì, ohun tí áápù bá fi hàn nìkan ni olówó máa rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò fi kọ kóòdù

Ẹgbẹ́ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC tẹ́lẹ̀, ìyẹn la fi ṣorí ire, irú ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees tó wà fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́ rí, torí nígbà tí wọ́n dé báńkì, báńkì ní kí wọ́n mú sàtífíkéètì SCUML wá, ìyẹn ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ fífọ owó ìdọ̀tí, wọ́n bá sọ pé wàhálà ti pọ̀ jù, wọ́n lo àkáǹtì Màmá. Mo ní a ò ní kọ́ pééjì kankan títí ìwé yẹn á fi jáde. Inú wọn ò dùn sí mi, àmọ́ wọ́n lọ ṣe é. Ó jáde, báńkì ṣí àkáǹtì, wọ́n ní kí èèyàn méjì máa jọ fọwọ́ sí i kówó tó lè jáde, Màmá àti akápò. Ìyẹn náà dáa.

Mo rò pé ó tán. Mo tẹ nọ́ńbà tuntun sínú áápù mi, orúkọ jáde, mo tún rí i pé iṣẹ́ kù. Orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní CAC gùn, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni, INITIATIVE ló parí ẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù àti lára fáníìlà wọn, ọ̀rọ̀ méjì péré ni, méjèèjì ò sì jọra. Mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó ń lo báńkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ nọ́ńbà kan náà kí wọ́n sì ya ojú fóònù wọn ránṣẹ́ sí mi. Lórí ọ̀kan, gbogbo orúkọ jáde. Lórí èkejì, ó gé e lẹ́nu, ó parí sí INITIATI. Ẹni tí ara ẹ̀ ti ń ya tẹ́lẹ̀, orúkọ gígé yẹn tó láti jẹ́ kó padà lẹ́yìn.

A ò lè yí orúkọ CAC padà torí ìyẹn, owó àti àsìkò tó máa gbà pọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ fún olùtọrẹ kó tó rí i. Lábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì lórí pééjì tuntun, mo kọ orúkọ CAC ní kíkún, lẹ́tà fún lẹ́tà bó ṣe ń jáde, mo wá kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí sábẹ́ ẹ̀: *Orúkọ yìí lẹ máa rí tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà wa. Áápù míì lè gé ẹ̀yìn ẹ̀. Tí orúkọ èèyàn bá jáde, ẹ má fi owó ránṣẹ́, ẹ pè wá.* Mo tún fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ CAC síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wá orúkọ yẹn lórí wẹ́ẹ̀bù CAC fúnra ẹ̀. Akápò sọ pé "ẹ má fi owó ránṣẹ́" lórí pééjì tí a fi ń wá owó, ó dà bí èèyàn tó ń lé oníbàárà. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni olè ò lè kọ sórí pééjì tiẹ̀.

Nọ́ńbà àkáǹtì fúnra ẹ̀

Bí mo ṣe ń wọ inú WordPress wọn ni mo rí i pé èèyàn márùn-ún ló ń lo pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn ti kúrò lẹ́gbẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá ráyè wọlé síbẹ̀ ò nílò láti jí nǹkan kan, kó ṣáà yí nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn padà, kó máa lọ. Ẹgbẹ́ lè má mọ̀ fún oṣù kan.

Mo fún kálukú ní orúkọ ìwọlé tiẹ̀, èèyàn méjì péré ni mo jẹ́ kó lè yí pééjì padà, mo sì fi kóòdù orí fóònù kún ìwọlé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé aṣọ́gbà kékeré kan sórí sáfà míì tí mo ní, tí kì í ṣe èyí tí wẹ́ẹ̀bù wọn wà. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ń lọ wo pééjì, tí ò bá rí nọ́ńbà wa níbẹ̀, ó máa fi ímeèlì pariwo sí mi:

```
*/15 * * * * curl -s https://example.org/itore | grep -q "0123456789" || echo "Wo peeji" | mail -s "NOMBA TI YI" emi@example.org
```

(Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà tiyín rọ́pò.) Ó máa ń pariwo nígbà tí wẹ́ẹ̀bù bá kú náà, ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tí ò lè mú ni ẹni tó bá fi nọ́ńbà tiẹ̀ kún un láì yọ tiwa kúrò, torí náà mo ṣì máa ń fojú ara mi wò ó láràárọ̀ Mọ́ńdè.

Káàdì

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ò ní àkáǹtì náírà, káàdì ni tiwọn. Mo lo Paystack, a fi ìwé CAC forúkọ sílẹ̀ kí orúkọ ẹgbẹ́ lè jáde níbẹ̀ náà, a sì tọrọ àyè lọ́tọ̀ fún káàdì ilẹ̀ òkèèrè. Mi ò kọ fọ́ọ̀mù káàdì sórí wẹ́ẹ̀bù wa. Olùtọrẹ á kọ iye àti ímeèlì lọ́dọ̀ wa, sáfà wa á wá gbé e lọ sí ojú ìwé Paystack, ibẹ̀ ni á ti kọ nọ́ńbà káàdì. Nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ wa, olè ò sì lè jí ohun tí a ò ní.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo fi ₦5,000 dán an wò pẹ̀lú káàdì ìdánwò, ojú ìwé ní kí n san ₦50. Kọ́bọ̀ ni Paystack ń ka, kì í ṣe náírà, o gbọ́dọ̀ fi 100 lọ́po iye tí èèyàn bá kọ kó o tó fi ránṣẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé orí ìdánwò ló ti ṣẹlẹ̀.

Èkejì ò ṣẹlẹ̀ lórí ìdánwò. Ọjọ́ kẹrin tí a ṣí pééjì, bàbá kan pe Màmá láti Àkúrẹ́, ó ní a ti gba owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ wò ó, òótọ́ ni, ₦9,500 méjì, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rìn. Tí olùtọrẹ bá sanwó tán, Paystack máa dá a padà sí àdírẹ́ẹ̀sì tí a fún un, `callback_url`, pééjì ìdúpẹ́ wa nìyẹn. Mo wá kọ kóòdù mi pé ìgbà tí èèyàn bá dé pééjì ìdúpẹ́ ni kí ó ka owó náà sí èyí tó wọlé, kí ó sì fi rìsíìtì ránṣẹ́. Bàbá yìí sanwó tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ já kó tó padà dé. Pééjì ìdúpẹ́ ò ṣí, rìsíìtì ò dé, ó rò pé kò lọ, ó tún san. Báńkì ti fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, àwa ò sì mọ ọ̀kan nínú ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kí èèyàn pè ẹ́ ní gbájúẹ̀, ọ̀nà tó yá jù nìyẹn.

A dá ọ̀kan padà fún un lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ká fi èkejì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Àtúnṣe ẹ̀ ni pé kí o má gbára lé fóònù olùtọrẹ láti wá sọ fún ẹ pé òun ti sanwó. Nínú Paystack ibì kan wà tí wọ́n kọ Webhook URL sí, o máa fi àdírẹ́ẹ̀sì kan lórí sáfà rẹ síbẹ̀, Paystack fúnra ẹ̀ á máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí owó bá wọlé, sáfà sí sáfà, kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àkúrẹ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn lè fi iṣẹ́ irọ́ ránṣẹ́ pé òun ti tọrẹ mílíọ̀nù kan, torí náà o gbọ́dọ̀ yẹ òǹtẹ̀ ara ẹ̀ wò, èyí tí Paystack fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ tẹ̀, `$key` nísàlẹ̀ yìí ni kọ́kọ́rọ́ yẹn:

```php
$body = file_get_contents('php://input');
$sig  = $_SERVER['HTTP_X_PAYSTACK_SIGNATURE'] ?? '';
if (!hash_equals(hash_hmac('sha512', $body, $key), $sig)) {
    http_response_code(401);
    exit;
}
```

Tí òǹtẹ̀ bá bá a mu tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ `charge.success`, ìyẹn pé owó ti wọlé, mo máa wá `reference` ẹ̀, àmì ìdámọ̀ ìsanwó yẹn, nínú ìwé wa, mo máa wò ó bóyá iye tó wọlé bá iye tí olùtọrẹ kọ mu, ìgbà yẹn ni rìsíìtì tó ń jáde. Tí `reference` yẹn bá ti gba rìsíìtì tẹ́lẹ̀, mi ò ní ṣe nǹkan kan mọ́, torí Paystack lè fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí sáfà rẹ bá pẹ́ kó tó dáhùn. Pééjì ìdúpẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ mọ́, ó kàn ń bi Paystack léèrè pé ṣé owó ti wọlé ni, tí ò bá tíì wọlé ó máa sọ fún olùtọrẹ pé *a ṣì ń wò ó, ẹ má tíì san ìkejì, ẹ wo ímeèlì yín*. Mo pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìsanwó láti dán an wò. Rìsíìtì márààrún dé.

Owó tí Paystack ń gé

Màmá ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé wọ́n ń gé nǹkan kúrò. Ó ní, "Wọ́n á ní a ń jẹ ẹ́." Mo ní tí ẹ ò bá sọ ọ́ gan-an ni wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá tọrẹ ₦9,500 á rí ₦9,257.50 nínú ìwé ìṣirò yín.

Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ fún un sórí ẹ̀yìn àpòòwé. Káàdì Nàìjíríà, ìdá 1.5 nínú 100 ni wọ́n ń mú, ₦142.50 nìyẹn lórí ₦9,500, wọ́n á wá fi ₦100 lé e, ₦242.50 lápapọ̀. ₦100 yẹn kì í sí tí owó ò bá tó ₦2,500, torí náà ẹni tó bá fi ₦1,000 sílẹ̀, ₦15 péré ló lọ nínú ẹ̀. Káàdì òkè òkun wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, 3.9 nínú 100 àti ₦100. Màmá wo àpòòwé yẹn pẹ́, ó ní, "Ṣé báyìí náà ni?" Ó mú un, ó fi há inú Bíbélì ẹ̀.

Mo wá fi àpótí kan sórí fọ́ọ̀mù: *mo fẹ́ fi owó tí Paystack máa gé kún un kí owó gíláàsì lè pé*. Tó o bá fẹ́ kí ₦9,500 gan-an délé, ₦242.50 kọ́ lo máa fi kún un o, torí wọ́n á gé nínú èyí tó o fi kún un náà. 9,600 lo máa fi 0.985 pín, ó máa fún ẹ ní ₦9,746.19, mo sọ ọ́ di ₦9,750. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mo ti tẹ àpótí yẹn sílẹ̀ fún wọn, kó jẹ́ pé ẹni tí ò bá fẹ́ ló máa yọ ọ́. Àṣìṣe ńlá. Obìnrin kan kọ lẹ́tà pé òun rí ₦9,750 níbi tí òun kọ ₦9,500 sí, òun ò sì san nǹkan kan mọ́. Ó tọ̀nà. Báyìí òfìfo la ń gbé e sílẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Manchester yẹn padà wá, nígbà tó rí orúkọ tuntun. Ó bi wá léèrè Gift Aid, ètò ìjọba Britain tó ń fi 25 pẹ́ńsì kún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀ bá fi tọrẹ. Ẹgbẹ́ tí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí Britain, bá mọ̀ ló lè gbà á, tiwa ò sí níbẹ̀, Nàìjíríà la wà. Mo kọ ọ́ sórí pééjì bẹ́ẹ̀ pé a ò lè gba Gift Aid. Ó fi iye náírà tó tó £20 ránṣẹ́.

Aago méjì òru

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo jí, mo bá ímeèlì rẹpẹtẹ. Láti aago méjì títí di mẹ́rin, ẹnì kan ti ń gbìyànjú àtifi ₦100 tọrẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ímeèlì tó ń lò jẹ́ lẹ́tà jáńtirẹrẹ tí ò ní ìtumọ̀, káàdì ń yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló kùnà. Kì í ṣe àwa ló ń jà lólè. Olè tó ra nọ́ńbà káàdì ẹlòmíì ló ń fi pééjì àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àánú yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, torí pééjì ìtọrẹ ló máa ń gba iye kékeré láì béèrè àdírẹ́ẹ̀sì ilé. Ewu tiwa ni pé ẹni tó ni káàdì máa rí orúkọ ẹgbẹ́ wa nínú alẹ́ẹ̀tì tí ò mọ̀ nípa ẹ̀.

Mẹ́rin ló wọlé, mo dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà láàárọ̀ yẹn. Mo gbé iye tó kéré jù lọ sí ₦500, mo ní kí àdírẹ́ẹ̀sì ìntánẹ́ẹ̀tì kan má lè bẹ̀rẹ̀ ìsanwó ju márùn-ún lọ láàárín wákàtí kan, mo sì fi ìdánwò "ṣé èèyàn ni ẹ́" síwájú bọ́tìnnì. Kò tíì padà wá.

Fọ́tò

Mo yọ àwọn ọmọ tó ń sunkún yẹn kúrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Akápò ní ká ya àwọn ọmọ tiwa, mo ní ta ló gba àyè lọ́wọ́ ìyá wọn? Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 wà, ojú ọmọ sì ni. Ohun tí a yà ni tábìlì inú kíláàsì kan, gíláàsì mọ́kànlá wà lórí ẹ̀ nínú àpò wọn, ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ kíláàsì sára tábìlì, rìsíìtì bàbá Dùgbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mọ́kànlá ní ₦9,500, ₦104,500, o lè kà á lójú rìsíìtì. Lábẹ́ ẹ̀ ni ìwé oṣù: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù. Owó ọ̀kadà wà níbẹ̀ náà. Màmá jà fún ọ̀kadà yẹn títí kó má baà wọ inú ẹ̀, ó ní ìtìjú ni. Ó wọ inú ẹ̀.

Èyí tó kù

Káàdì ń fún ara ẹ̀ ní rìsíìtì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fẹ́ tiránsífà, torí orúkọ tó ń jáde yẹn náà ni. Tiránsífà ò mọ ímeèlì ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo Mọ́ńdè Màmá máa ń tẹ ìwé báńkì, á fi bírò lọ lórí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi Wáásàpù dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Mo ti fi ìlà kan sórí pééjì pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí àyè àlàyé nígbà tí wọ́n bá ń fowó ránṣẹ́, nǹkan bí ìdajì wọn ló ń ṣe é. Nínú ìwé oṣù tó kọjá, ₦20,000 kan wà tí ohun tí wọ́n kọ sí àlàyé ẹ̀ jẹ́ "ojú" nìkan, orúkọ tó fi wá ò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. A kọ ọ́ sórí pééjì bẹ́ẹ̀: ₦20,000, ojú, gíláàsì méjì, ó ku ₦1,000.